Owó Yìí Ò Gbé Mi: Bí A Ṣe Ń Kọ Iṣẹ́ Kí Agbanisíṣẹ́ Lè Fowó Lé E

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ sọ ní Ìlọrin. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi àwọn ibi tí a ti ṣe àwàdà jù.)

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru yìí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wáṣẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyẹn ti sú yín í gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé tán, tí lẹ́tà wà lọ́wọ́, tí ẹ wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí inú yín sì sọ pé, "Èyí ò tó." Ọ̀rọ̀ máa ń pèsì jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti gbàdúrà iṣẹ́ fún ọdún méjì, báwo ló ṣe fẹ́ lanu sọ pé òun ò gbà?

Iṣẹ́ gbígba èèyàn síṣẹ́ ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà, èmi náà ni èsì ń wá bá. Ẹni tí owó bá kéré lójú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà, á gba iṣẹ́ náà tìlọ́ra-tìlọ́ra, tó bá di oṣù kẹta á ti máa wá òmíràn lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan á dákẹ́, wọn ò ní gbé fóònù mọ́, bí ẹni pé a jẹ wọ́n lówó. Àwọn mìíràn á kọ lẹ́tà tó gùn, tó kún fún ìtàn owó ilé, owó ilé ìwé àbúrò àti àìsàn bàbá. Mo káàánú wọn, àmọ́ kò sí ohun tí mo lè fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó máa sọ ọ́ ṣàkó: mi ò lè gbà á ní iye yìí, àmọ́ bí ẹ bá lè ṣe é báyìí, mo ṣe tán. Irú ìyẹn ni mo máa ń gbé wọlé tọ ọ̀gá lọ, nítorí ó ní ohun tí ọ̀gá lè fọwọ́ sí tàbí kó fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó wá bá mi nílé, a jọ ṣe é délẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ ọ́ bí mi ò bá ti dárúkọ òun. Pólì Ọ̀fà ló ti ka ìṣirò owó jáde. Ó ń bá wọn kọ ìwé owó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ọjà lọ́pọ̀ ní Táíwò, ₦85,000 ni wọ́n sì ń fún un lóṣù. Ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ ìrẹsì lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo wá fún un ní lẹ́tà: ₦120,000. Kí ló tún kù? Ìyá ẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé. Òun nìkan ló jókòó síwájú mi tí ojú ẹ̀ ò yá. Ó ní, "Bàbá, ó dà bíi pé nǹkan kan ò ṣe déédéé nínú owó yìí, mi ò kàn lè tọ́ka sí i ni."

Mo ní kó lọ mú bírò wá.

Owó tó wà nínú lẹ́tà kọ́ ni owó tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ yín mọ ìyẹn lẹ́nu, ẹ kì í kàn ṣírò ẹ̀. Lẹ́tà náà pín ₦120,000 ọ̀hún sí wẹ́wẹ́: bésíìkì ₦48,000, owó ilé ₦24,000, owó ọkọ̀ ₦18,000, àjẹmọ́nú yòókù ₦30,000. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè gbọ́dọ̀ máa yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, kí ilé iṣẹ́ sì fi ìdá mẹ́wàá tiẹ̀ kún un. Bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n máa ń ṣírò ẹ̀ lé. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦90,000, ìdá mẹ́jọ ẹ̀ sì jẹ́ ₦7,200. Owó yẹn ò sọnù o, tiẹ̀ ni, àti ₦9,000 tí ilé iṣẹ́ máa fi kún un. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi wọ mọ́tò lọ́la.

Owó orí ló tẹ̀ lé e. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ òfin náà, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Ohun tó bá lé lórí ẹ̀, títí dé ₦3,000,000, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa gbà níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣírò, wọ́n máa kọ́kọ́ yọ pẹ́ńṣọ̀n kúrò, wọ́n á sì tún yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí èèyàn ń san lọ́dún, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Yàrá tí ọmọ náà ń gbé ní Táńkẹ́, ₦250,000 ló ń san lé e lọ́dún, nítorí náà ₦50,000 ló lè yọ. Ẹni tó bá ń gba yàrá, ẹ má fi rìsíìtì onílé ṣeré. Nígbà tí a ṣe gbogbo ẹ̀ tán, owó orí ẹ̀ bọ́ sí ₦6,295 lóṣù. Owó tó máa wọ àpò ìfowópamọ́ ẹ̀ wá jẹ́ ₦106,505.

Títí dé ibẹ̀, ayọ̀ ṣì wà. Mo wá bi í pé, "Báwo lo ṣe máa dé Àjàṣẹ́-Ìpo?" Ó ní òun máa wọ kẹ̀kẹ́ láti Táńkẹ́, òun á bọ́ sí Gáréèjì Ọ̀fà, òun á wọ táásì tó ń gba Gánmọ̀ àti Ìdọ̀fíán kọjá. Ó ti lọ síbẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì mọ iye tó ná òun: ₦3,000 ní àlọ àti àbọ̀. Tí a bá fi ìyẹn ṣe ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún lóṣù, ó di ₦66,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦106,505. Ohun tó kù fún un ni ₦40,505.

Ó yára sọ pé ṣebí owó ọkọ̀ wà nínú lẹ́tà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ₦18,000. Ìyẹn kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún apá kan owó oṣù ni. Kò sí ẹni tó jókòó ṣírò iye tí Táńkẹ́ sí Àjàṣẹ́ ń jẹ kó tó kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi tí mo ti kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ rí ló ń sọ fún yín.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù Táíwò. ₦85,000 ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò pọ̀ tó ti pẹ́ńṣọ̀n ọ̀ranyàn. Owó orí ẹ̀ jẹ́ ₦2,125. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń lọ lóṣù torí pé wọ́n ń ṣí ní Sátidé, ₦800 ló sì ń ná lójúmọ́ sórí ọkọ̀, ìyẹn ₦20,800. Ohun tó ń kù fún un ni ₦62,075. Ọmọ náà wo bébà náà, ó tún wò ó. Iṣẹ́ tí gbogbo agboolé ti dúpẹ́ lé lórí fẹ́ gba ohun tó ju ₦21,000 lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣooṣù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé àdúrà tí à ń gbà náà rèé?"

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbé. Èèyàn tí kò bá ṣe ìṣirò yìí kò ní mọ̀ bóyá ó fẹ́ kọ iṣẹ́ ni tàbí ó kàn fẹ́ béèrè ìbéèrè. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, òfin náà sì mọ̀ wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

A mọ bí a ṣe ń ná ọjà ní Ìpáta. Ìyá alátà pe ẹgbẹ̀rún méjì, ẹ dá a ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ó ní kò gbà, ẹ yísẹ̀ padà. Tí ẹ bá rìn yípo ọjà tí ẹ ò rí èyí tí owó ẹ̀ dín, ẹ lè padà sọ́dọ̀ ẹ̀, "Ìyá, ó dáa, ẹ gbà á," ó sì máa tà á fún yín ní ẹgbẹ̀rún méjì náà, bóyá pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Lẹ́tà iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1840, ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí gbogbo ẹni tó bá kọ́ òfin àdéhùn nílẹ̀ wa ṣì ń kà. Ọ̀gbẹ́ni Wrench fẹ́ ta oko ẹ̀ ní £1,000. Ọ̀gbẹ́ni Hyde ní £950 ni òun máa san. Wrench ní rárá. Hyde wá padà, ó ní òun ti gba £1,000 tó pè. Adájọ́ ní ó ti pẹ́: ọjọ́ tó ti pe £950 ló ti pa ìpè àkọ́kọ́, kò sì lè jí i dìde fúnra ẹ̀. Àfi tí ẹni tó ń tà bá tún pè é.

Òfin àdéhùn tiwa, orísun kan náà ló ti ṣàn wá. Tí ẹ bá kọ̀wé pé, "Mi ò gba ₦120,000, ₦180,000 ni mo fẹ́," ẹ ti kọ ₦120,000 nìyẹn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ní ₦180,000, tí ẹ wá ń sáré padà pé ẹ ti gba ti tẹ́lẹ̀, kò di dandan kí wọ́n fún yín. Wọ́n lè ti pe ẹlòmíràn. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ọmọ á máa pe fóònù, tí á máa bẹ̀bẹ̀, tí ẹnì kejì sì ti wọlé iṣẹ́.

Ìbéèrè ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1880, ẹjọ́ irin títà kan wáyé. Ẹni tó fẹ́ rà á béèrè bóyá wọ́n lè pín ọjọ́ gbígbé irin náà sí oṣù méjì. Ẹni tó ń tà sọ pé ìyẹn ti pa ìpè òun. Ilé ẹjọ́ ní rárá, ó kàn ń béèrè ni, ìpè náà ṣì wà láàyè. Nítorí náà, tí ₦120,000 bá jẹ́ ohun tí ẹ máa padà gbà bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má kọ̀ ọ́ o. Ẹ béèrè: "Ṣé àyè wà láti fi nǹkan kún owó oṣù yìí, tàbí láti ṣètò ọkọ̀?" Kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Kíkọ wà fún ẹni tó ti ṣírò, tó mọ̀ pé òun ò ní gbà á ní iye náà bó tiẹ̀ wù kó rí.

Ọmọ wa ti ṣírò. Kò lè gbà á. Nítorí náà, lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ló fẹ́ kọ, èyí tí ìpè tuntun lè wọlé sí.

Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà tó jáde, ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ mọ́ àwa tí a wà ní Ìlọrin níbí, tí wọn kì í kọ sínú ìwé bí a ṣe ń wáṣẹ́. Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Iṣẹ́ kékeré tàbí ńlá, ẹnì kan ló sábà máa ń gbẹ́nu lé e. Tiẹ̀ jẹ́ àbúrò bàbá ẹ̀, tí òun àti Àlàájì tó ni ilé iṣẹ́ náà jọ ń kírun Jímọ̀. Bí Àlàájì bá ṣí ímeèlì tó rí i pé ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ bẹ òun ti kọ iṣẹ́, kó tó di pé àbúrò bàbá gbọ́, ojú àbúrò bàbá ti wọlẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá tún ṣe ìpè tuntun, ọwọ́ ẹni tí inú ń bí ló máa gbà wá.

Mo ní kó lọ bá àbúrò bàbá ẹ̀ nílé, kó mú bébà ìṣirò yẹn dání. Ó lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó ní bí òun ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. "Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n fún ọ lóúnjẹ, o ní kò dùn?" Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo èyí," ó sì tẹ́ bébà náà síwájú wọn. Àbúrò bàbá fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀: pẹ́ńṣọ̀n, owó orí, Táńkẹ́ sí Gáréèjì Ọ̀fà, Gáréèjì Ọ̀fà sí Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ₦40,505, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Àlàájì ò mọ̀ pé Ìlọrin lo ti máa lọ. Ó rò pé Ọ̀fà lo wà, torí pé Ọ̀fà lo ti kàwé." Ẹ ò rí i? Gbogbo wàhálà owó náà, ìdajì ẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó dá owó kò mọ ibi tí ọmọ ń sùn. Wọ́n ní kó lọ kọ lẹ́tà ẹ̀, àwọn á ti sọ fún Àlàájì pé lẹ́tà ń bọ̀ àti pé kì í ṣe ìwọ̀sí.

Òyìnbó ló fi kọ lẹ́tà náà, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kà fún yín báyìí.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi àti fún àkókò tí ẹ fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mi ò ní lè gba iṣẹ́ náà ní ₦120,000 lóṣù. Iṣẹ́ náà wù mí, mo sì mọ̀ pé mo lè ṣe é. Àmọ́ Ìlọrin ni mò ń gbé, owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ sí ilé iṣẹ́ yín jẹ́ ₦66,000 lóṣù, ohun tó sì máa kù lẹ́yìn ẹ̀ kò ní tó mi gbé ẹ̀mí ró. Bí ẹ bá lè mú owó oṣù náà dé ₦180,000, tàbí kí ẹ ṣètò ọkọ̀ tàbí ibùgbé pẹ̀lú àfikún owó tí agbára yín gbé, inú mi á dùn láti gbé ìpè tuntun náà yẹ̀ wò. Mo lè wá bá yín jókòó sọ ọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí títí di òpin oṣù yìí. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo dúpẹ́ náà ni, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí ẹ máa rántí mi bí àyè tó bá mi mu bá ṣí sílẹ̀."

Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ibi tí ìkọ̀sílẹ̀ wà: lẹ́yìn ọpẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ka lẹ́tà ogójì lọ́sẹ̀ máa ń ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, á wá pinnu. Ẹ tún wo pé kò kọ "Mi ò gba iṣẹ́ yín." Ó kọ "ní ₦120,000 lóṣù." Iye ló kọ̀, kò kọ iṣẹ́. Tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, lẹ́tà náà di ìdágbére, àwọn tó wà lọ́fíìsì á kàn fi sínú fáìlì àwọn tó ti lọ.

Ìdí tó fún wọn jẹ́ ohun tí wọ́n lè wádìí. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lọ́nà náà mọ̀ pé kò purọ́. Kò sọ pé owó ìyá òun ò tó, kò sọ pé nǹkan wọ́n ní Nàìjíríà. Wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan wọ́n, àwọn náà ń ra dísẹ́lì. Kò sì parọ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ń pe òun. Irọ́ yẹn dùn lẹ́nu o, àmọ́ ọ̀gá tó bá gbọ́n á ní, "Ó dáa, mú lẹ́tà wọn wá ká wò ó." Ìlọrin kéré.

Kò dárúkọ ₦85,000 tó ń gbà ní Táíwò. Wọ́n máa ń béèrè pé, "Èló lò ń gbà níbi tó o wà?" Èrò tèmi ni pé kí èèyàn má fi ẹnu ara ẹ̀ gbé e kalẹ̀ ṣáájú, nítorí tí wọ́n bá ti gbọ́ ₦85,000, ₦120,000 máa ń dà bí ọrẹ lójú wọn. Tí wọ́n bá béèrè gan-an, ẹ sọ òótọ́. Wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé owó oṣù wá.

Níbo ni ₦180,000 ti wá? Kì í ṣe pé ó já a lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ó ní kóun tó fi Táíwò sílẹ̀, ó yẹ kí ₦85,000 máa kù lọ́wọ́ òun lẹ́yìn owó ọkọ̀. A ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn, ó bọ́ sí nǹkan bíi ₦176,000 lórí ìwé. A gbé e lé ₦180,000 kí àyè ìdúnàádúrà díẹ̀ lè wà. Ẹni tó bá pe ₦300,000 lórí ìpè ₦120,000, wọn ò ní bá a sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n á rò pé kò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí.

Mo wá fẹ́ sọ ohun kan tí ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́ kì í sábà rí, torí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá lè fẹ́ fún yín lówó, kí ọwọ́ ẹ̀ má ṣí. Akọ̀wé owó mìíràn ti wà ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì náà, ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọmọ wa lọ. Tí wọ́n bá fún ẹni tuntun ní ₦180,000 tí ẹni àtijọ́ ń gba ₦150,000, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta gbogbo ilé á ti gbọ́. Owó oṣù ò ṣeé fi pamọ́. Nítorí náà, ó rọrùn fún ọ̀gá láti fi ohun tí kò sí lórí tábìlì owó oṣù kún un: àyè nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, yàrá kan ní ilé tí ilé iṣẹ́ ti háyà, tàbí àdéhùn àkọsílẹ̀ pé wọ́n á tún owó wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìdánwò. Ìdí nìyẹn tí "tàbí" fi wà nínú lẹ́tà ọmọ wa. Iye kan ṣoṣo láìsí "tàbí" máa ń sọ ọ̀gá di ẹni tí kò ní ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láti sọ, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sì rọrùn jù.

Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò pè wọ́n, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe fi Wasáàpù tẹ̀ lé e pé "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ rí lẹ́tà mi?" Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹ̀rù ti ń bà á, ìyá ẹ̀ ò sì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ibo gan-an lo ń gbé ní Ìlọrin?" Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti wọlé. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní nǹkan láti fi kún un máa ń sọ pé àwọn á pè yín padà ni, tàbí pé àwọn ti gbọ́. Èyí tó bá ń béèrè ìbéèrè nípa ìgbé ayé yín ti ń ṣírò.

Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ń gbéra ní Gáréèjì Ọ̀fà láràárọ̀, ó ń kó àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Àyè ṣì wà nínú ẹ̀. Wọ́n fún un ní ₦140,000 àti àyè nínú bọ́ọ̀sì. Ó pè mí, ohùn ẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́: "Bàbá, ₦180,000 ni mo bèèrè, ₦140,000 ni wọ́n gbé wá." Mo ní kó mú bírò.

Ní ₦140,000, pẹ́ńṣọ̀n jẹ́ ₦8,400, owó orí jẹ́ ₦9,115. Ohun tó máa wọlé jẹ́ ₦122,485. Kò ní ṣe ju kẹ̀kẹ́ láti Táńkẹ́ dé Gáréèjì Ọ̀fà lọ, ₦600 lójúmọ́, ìyẹn ₦13,200 lóṣù. Ó ku ₦109,285. Ká ní wọ́n ti fún un ní ₦180,000 tó bèèrè láìsí bọ́ọ̀sì, ₦88,445 ni ì bá kù fún un. Ohun tí wọ́n fún un ju ohun tó bèèrè lọ, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ò ná ju ₦20,000 àti pẹ́ńṣọ̀n díẹ̀ lé e, torí pé bọ́ọ̀sì náà ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba, ẹ ò lè kọ irú lẹ́tà yìí sí i. Ìpele àti àkàsọ̀ ti wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó lè yí iye ẹ̀ padà nítorí ẹnì kan. Ohun tó ṣeé bi wọ́n níbẹ̀ kò ju bóyá wọ́n ka ìrírí yín sí nígbà tí wọ́n fi yín sí àkàsọ̀. Ilé ìwé àdáni kéékèèké náà, ọ̀pọ̀ wọn ò ní nǹkan tí wọ́n lè fi kún un rárá. Ẹni tó bá kọ ti ibẹ̀, kó mọ̀ pé ó ti kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sókè bá sì pè yín sí iṣẹ́ kíkún tí owó ẹ̀ ò tó ₦70,000, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà: ₦70,000 ni òfin fi lélẹ̀ ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ máa bá irú wọn kọ lẹ́tà dídùn.

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn yẹn ń béèrè pé ṣé ọmọ náà ò ti sọ fún wọn ní Táíwò kí èsì tó dé. Kò sọ. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ₦140,000 fún un lórí fóònù, mo sì ní kó dúró de lẹ́tà tuntun. Lẹ́tà ₦120,000 ti kú, fóònù kì í sì í ṣe lẹ́tà. Nígbà tí tuntun dé, bọ́ọ̀sì ò sí nínú ẹ̀, owó nìkan ni wọ́n kọ. Ó dá a padà pẹ̀lú ìlà kan péré, pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ láti Gáréèjì Ọ̀fà, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kọ ọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sí i. Ìgbà tó ti fọwọ́ sí i tán ló tó lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ní ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún gbọ́dọ̀ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fún wọn ní oṣù kan, torí ìwé owó tó wà nílẹ̀ pọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ máa pè é láago lórí bọ́ọ̀sì.